Ìlù ọkàn lẹ́yìn sìgá: kí ló dé tó já wálẹ̀ tó tún ń gòkè?

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 47 ni mí, Kubwa ni mò ń gbé, ọ́fíìsì ìjọba ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ nínú Àbújá. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń fa sìgá, ẹyọ 15 lójúmọ́. Mo ti fi í sílẹ̀ pátápátá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi ń wo ìlù ọkàn mi. Kí n tó fi sìgá sílẹ̀, 86 ni. Nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó ti já sí 75, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti tún ń gòkè: 80, 83 láàárọ̀, tó bá dalẹ́ ó máa ń tó 92. Àyà mi á máa lù kìkì, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, mi ò sì rí oorun sùn. Mi ò yí nǹkan kan padà o: kọfí mẹ́rin tí mò ń mu ní ọ́fíìsì náà ni mò ń mu, gbànja tí mo sì máa ń jẹ náà ni mò ń jẹ. Ṣé sìgá ti ba ọkàn mi jẹ́ ni, àbí ara mi ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n padà sídìí rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má padà sídìí sìgá o. 75 tí ẹ rí láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin yẹn, òun ló sún mọ́ ìlù ọkàn yín gan-an. 86 ti tẹ́lẹ̀, sìgá ló ń gbé e ró. Ohun tó tún gbé e sókè lọ́sẹ̀ kejì, kọfí mẹ́rin yẹn àti gbànja ni mò ń fura sí, pẹ̀lú oorun tí wọn ò jẹ́ kí ẹ sùn. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí mi, gbólóhùn tí ẹ ti sọ pé ẹ ò yí nǹkan kan padà ni mo kọ́kọ́ fa ìlà sí lábẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí tó fi já wálẹ̀. Bí èèyàn bá fa sìgá, nikotíìnì inú rẹ̀ kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kó tó dé ọpọlọ. Ó máa ń ti ara láti tú adrẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà tó máa ń jáde nígbà tí nǹkan bá já wa láyà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan á ti fi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i. Wákàtí méjì tàbí bíi bẹ́ẹ̀ ni nikotíìnì fi ń dín sí ìdajì. Ẹni tó fa ẹyọ kan láàárọ̀ tí kò fà mọ́, ara rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń fa 15 kò rí bẹ́ẹ̀, torí òmíràn ti ń wọlé kí ti ìṣáájú tó jáde, ó sì ń pọ̀ sí i títí di alẹ́, débi pé díẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń sùn. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ dà bíi mọ́tò tí awakọ̀ tẹ iná mọ́ láti Lọ́kọ́ja dé Zuba, tí kò gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ rárá.

Èéfín sìgá tún ní nǹkan mìíràn nínú, kabọni mọnọsáìdì, èéfín tí kò lóòórùn tí kò sì láwọ̀, tó ń pa àwọn tó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn. Ó máa ń gba àyè ọ́síjìn lára ẹ̀jẹ̀, torí agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá gbé ọ́síjìn tó bó ṣe yẹ, ọkàn ní láti yára sí i kó lè dí àlàfo náà. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni èéfín yìí fi ń dín sí ìdajì fún ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, nítorí náà kó tó pé ọjọ́ méjì tí èèyàn ti jáwọ́ ńbẹ̀, ó ti kúrò lára.

Ìdí nìyẹn tí ìlù ọkàn fi ń já wálẹ̀ kíákíá. Ìṣẹ́jú bíi 20 lẹ́yìn ẹyọ tó kẹ́yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀. Láàárín 5 sí 10 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jẹ́, ti àwọn mìíràn sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, pàápàá àwọn tó ń fa púpọ̀. 11 tiyín kò ṣàjèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò tún sí ìjáwálẹ̀ ńlá kan mọ́ tí fífi sìgá sílẹ̀ máa fúnni. Ibi tó bá já sí náà ni yóò máa wà níwọ̀n ìgbà tí sìgá ò bá padà wọlé, á kàn máa yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì ní bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti òwúrọ̀ kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ ló ń retí pé kó máa lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì rí i pé ó dúró sójú kan, wọ́n á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó tún lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìrìn kíkankíkan lójoojúmọ́ ló lè ṣe é, ìyẹn á sì gba oṣù méjì sí mẹ́ta.

Ní ti pé bóyá ara yín ló ń bẹ̀bẹ̀: lóòótọ́, ìbínú òjijì, àìnísùúrù àti àìlèfọkànsí nǹkan máa ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú sìgá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, kó tó máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn gan-an, nígbà tí inú èèyàn ń ru, ọkàn rẹ̀ ti ń lù díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ìlù ọkàn lọ sílẹ̀ wà lára àmì pé nikotíìnì ti kúrò lára. Nítorí náà, bí ìlù ọkàn bá ń gòkè lọ́sẹ̀ kejì, ohun mìíràn ló yẹ ká máa wá.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rèé, mo sì ń bínú pé a kì í sábà sọ ọ́ fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára tú kafíìnì ká, ìyẹn èròjà inú kọfí, tíì àti obì tó máa ń lé oorun lọ. Kì í ṣe nikotíìnì ló ń ṣe èyí o, àwọn nǹkan dúdú inú èéfín náà ni. Lára ẹni tí kì í fa sìgá, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ni kafíìnì fi ń dín sí ìdajì. Lára ẹni tó ń fà á, bíi mẹ́ta péré ni. Nígbà tí èèyàn bá jáwọ́, ẹ̀dọ̀ kì í dẹ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rọlẹ̀, nígbà tó bá sì tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí kò fa sìgá rí dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi ti yín ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ife kọfí kan ní mílígírámù 80 kafíìnì nínú, tí ẹ sì mu èyí tó kẹ́yìn ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó kúrò lọ́fíìsì. Nígbà tí ẹ ń fa sìgá, á ti ku 40 ní agogo méje, á sì ku 20 ní agogo mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ sùn. Ní báyìí, 40 ló ṣì máa wà lára yín ní agogo mẹ́wàá yẹn. Ife kan ṣoṣo nìyẹn. Èyí tí ẹ mu ní ọ̀sán ṣì ń bẹ níbẹ̀, gbànja tí ẹ jẹ lẹ́yìn oúnjẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Tí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kafíìnì tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ yín báyìí lè tó ìlọ́po méjì ti oṣù tó kọjá, bẹ́ẹ̀ iye ife tí ẹ mu kò yí padà. Ó wá yé wa ìdí tí wàhálà náà ò fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kejì.

Mi ò fẹ́ ká di ẹ̀bi tó pọ̀ jù ru kọfí o. Kafíìnì fúnra rẹ̀ kì í gbé iye ìlù ọkàn sókè tó bí nikotíìnì ṣe ń gbé e, pàápàá lára ẹni tó ti mọ́ lára. Ohun tó máa ń ṣe nígbà tó bá pọ̀ jù ni gbígbọ̀n ọwọ́, àìbalẹ̀ ọkàn, àìsùn, àti kí èèyàn máa gbọ́ ìlù ọkàn ara rẹ̀ nígbà tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Àìsùn yẹn ló wá ń gbé nọ́ńbà àárọ̀ sókè. Ẹni tí kò sùn dáadáa fún òru mélòó kan tẹ̀ léra, 80 tàbí 83 kò yẹ kó yà á lẹ́nu. Bó bá jí, á rẹ̀ ẹ́, á tún mu kọfí sí i, kò sì ní rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ má fi kọfí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí orí á fọ́ yín, ara á sì wúwo fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá sìgá ni tàbí kọfí. Ẹ mú ife kan kúrò lónìí, kó ku mẹ́ta. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ mú ìkan kúrò sí i. Ife méjì ni kí ẹ dúró sí, kí méjèèjì sì wọlé kí ó tó di agogo méjìlá ọ̀sán. Gbànja gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò náà. Mo mọ̀ pé ní Àbújá níhìn-ín, bí èèyàn bá wọ ọ́fíìsì Alhaji tàbí tó lọ síbi ìsomọlórúkọ, wọ́n á nawọ́ gbànja sí i, kò sì rọrùn láti kọ̀ ọ́. Ẹ gbà á tọwọ́tọ̀wọ̀, kí ẹ fi sápò, kí ẹ má jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Tíì tí màì-ṣáyì ń pò lálẹ́ náà ní kafíìnì. Ẹ́nájì dírìǹkì, ẹ ṣì yẹra fún un pátápátá ná. Tó bá jẹ́ pé kafíìnì ni lóòótọ́, oorun ni yóò kọ́kọ́ padà, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nọ́ńbà àárọ̀ á wá tẹ̀ lé e, á padà sí àgbègbè 75.

Ẹnì kan lè rò pé bí òun bá ń lẹ páàṣì nikotíìnì mọ́ra, tàbí tí òun ń jẹ ṣinngọ́ọ̀mù rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọfí yìí ò kan òun. Ó kàn án. Èéfín ló ń mú ẹ̀dọ̀ yára, páàṣì kò sì ní èéfín. Ohun tó yàtọ̀ ní tiwọn ni pé ìlù ọkàn ò ní já tó ti ẹni tó jáwọ́ láìlo nǹkan kan, torí nikotíìnì ṣì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìdí láti yọ ọ́ o, wọ́n sàn ju sìgá lọ fíìfíì. Bákan náà, ẹni tó ń lo aminofilíìnì tàbí tiofilíìnì fún ikọ́ fée, tàbí tó ń lo olansapíìnì tàbí klosapíìnì fún àìsàn ọpọlọ, kó sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó jáwọ́ nínú sìgá. Ọ̀nà kan náà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà tú kafíìnì ká ló ń gbà tú àwọn oògùn wọ̀nyí ká, wọ́n sì lè pọ̀ jù lára láìjẹ́ pé ó lo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aminofilíìnì tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí ọkàn sáré gidi.

Ó ku bí ẹ ṣe ń wò ó. 92 ti alẹ́ àti 75 ti àárọ̀ kì í ṣe ohun tó ṣeé fi wé ara wọn. Alẹ́ ni ẹ ti jẹun, ẹ ti jókòó nínú gosiló láti Berger dé Kubwa, ooru sì wà. Nínú oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, tí iná bá lọ tí fáànù ò yí, ọkàn ní láti máa fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara kí ara lè tutù, ìyẹn nìkan tó láti gbé e sókè. Ó sì yẹ kí ẹ bi ara yín bóyá lẹ́yìn sìgá ni ẹ wo 86 ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.

Àárọ̀ ni kí ẹ máa wò ó, ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́. Ẹ tọ̀, kí ẹ jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kan fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ò tíì gbọdọ̀ mu kọfí o. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tí wọ́n kọ PUL tàbí PULSE sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ ń wá. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, kí ẹ kọ èyí tó kéré jù sílẹ̀. Tí bátìrì bá kú, ẹ fi ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín kan ọrùn-ọwọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan líle tó wà láàárín. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù, torí títẹ̀ líle máa ń dá a dúró. Ẹ ka iye ìgbà tó gbé ìka yín fún 60 ìṣẹ́jú-àáyá gbáko. Kíka a fún 15 kí a wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin ń sọ àṣìṣe ẹyọ kan di mẹ́rin. Fífi ìka kàn án tún ní àǹfààní tí ẹ̀rọ míì kò ní: ẹ máa mọ̀ bóyá ó ń lù déédéé, àbí ó ń fo, ó ń sáré, ó ń dúró, tí kò ní ìlànà.

Tí ẹ bá dín kafíìnì kù fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ sì ń sùn, àmọ́ tí nọ́ńbà àárọ̀ kò wálẹ̀, ohun mẹ́ta ni èmi máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn léèrè. Ibà ni àkọ́kọ́. Bí ara bá fi ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì kan gbóná sí i, ìlù ọkàn máa ń lé ní bíi 10, ibà sì lè wà lára kó tó da èèyàn dùbúlẹ̀. Ẹ fi tẹmọ́mítà wò ó, kí ẹ sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó lo oògùn ibà. Nikotíìnì tó ń gba ẹ̀yìn wọlé ni èkejì. Ọkùnrin kan wá bá mi tí ìlù ọkàn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ dáadáa láti ọjọ́ Ajé, tó sì máa ń ga láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó búra pé òun ò fọwọ́ kan sìgá, òótọ́ ló sì sọ. Ṣíṣà ló ń fà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ Sátidé, ó rò pé omi ti fọ̀ ọ́ mọ́ àti pé adùn èso ló wà nínú rẹ̀. Tábà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ná tí wọ́n fi ń jó o sì ń tú kabọni mọnọsáìdì jáde. Áṣáà náà ní nikotíìnì. Ọtí líle lálẹ́ ni ìbéèrè mi kẹta, torí ó máa ń mú kí ọkàn sáré títí di òwúrọ̀.

Ní ti bóyá sìgá ti ba ọkàn yín jẹ́, ìlù ọkàn kò lè dá yín lóhùn. Ó lè já sí 70 kí iṣan tó ń bọ́ ọkàn sì ti dín, ó sì lè wà ní 85 kí ohun gbogbo wà ní àlàáfíà. Ogún ọdún pẹ̀lú ẹyọ 15 lójúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí mo lè sọ ni pé tó bá pé ọdún kan tí ẹ ti jáwọ́, ewu àìsàn ọkàn tí sìgá fi kún tiyín á ti dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, ìyẹn á sọ̀rọ̀ ju ìlù ọkàn lọ.

Àwọn ìgbà kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ dúró wo kọfí. Bí àyà bá ń dùn yín bíi pé nǹkan tẹ̀ ẹ́, bí èémí bá ń ṣòro, bí ojú bá ṣú tí ẹ fẹ́ ṣubú tàbí tí ẹ dákú, ẹ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fúnra yín wa ọkọ̀. Bí ìlù náà kò bá ní ìlànà lábẹ́ ìka yín, bó bá kọjá 100 ní àárọ̀ tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí tó bá wà lábẹ́ 50 tí òòyì sì ń kọ́ yín, ẹ rí dókítà láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Wọ́n á fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, wọ́n á wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe tó, wọ́n á sì yẹ ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì wò, torí tí òun bá ń ṣiṣẹ́ jù, òun náà máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì máa ń lé oorun, gẹ́gẹ́ bí kafíìnì.

Tí ẹ bá ń bọ̀ nílé ìwòsàn, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ nọ́ńbà àárọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì sí wá, kí ẹ kọ iye ife kọfí àti gbànja sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àti iye wákàtí tí ẹ fi sùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ mú páálí rẹ̀ dání. Àwọn kan nínú wọn, bíi atenolọ́ọ̀lù, máa ń fa ìlù ọkàn sílẹ̀, àwọn kan bíi nifẹdipíìnì sì lè gbé e sókè, mi ò sì lè ka nọ́ńbà yín dáadáa láìmọ èyí tó wà lára yín.